Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ kì í ṣe adití sí ohùn Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdí tí fóònù fi ń kọ Yorùbá láìsí àmì ohùn ni pé ẹ̀rọ kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Whisper, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí iléeṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022. Ó máa ń gé ìró wẹ́wẹ́, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sílébù kan lè gba ju ìgbà 10 lọ nínú rẹ̀. Bí ohùn ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀kalẹ̀ wà nínú ohun tó ń wọlé sí i.

Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìṣòro. Ìró àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n jọ fi ń kọ́ irú ẹ̀rọ yìí, púpọ̀ nínú Yorùbá orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni a sì kọ láì fi àmì sí i. Àwa ni a kọ́ ọ pé kó fi àmì sílẹ̀, ó dùn mí láti sọ ọ́.

Bó bá wá fi àmì sí i, ẹ má tètè gbà pé ó gbọ́. Ẹni tó sọ pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ti fi “wọ” àti “Ìbàdàn” tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ lè fi àmì sórí ọkọ̀ láì tẹ́tí sí ohùn rárá. Gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ àyíká kò ti lè ràn án lọ́wọ́ ni ká fi dán an wò:

```
O ti san owó náà.
Ó ti san owó náà.
```

Ẹ sọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú tàbí lẹ́yìn. Bí méjèèjì bá jáde bákan náà, àbá ló ń dá. Láàárín oníṣòwò àti oníbàárà, ìyàtọ̀ yìí ni ẹni tó sanwó.

Àwọn kan tún ní àmúlùmálà ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti wọ̀ ọ́, ó parí. Ìró ìṣẹ́jú àáyá 30 ni Whisper ń mú lẹ́ẹ̀kan, èdè kan péré ló sì ń yàn fún un, `<|yo|>` fún Yorùbá tàbí `<|en|>` fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnì kan bá sọ pé “Mo ti ṣe tíránsífà, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa”, tí ẹ̀rọ sì yan Gẹ̀ẹ́sì, tíránsífà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè jáde dáadáa, kí Yorùbá tó kù di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ mọ̀ pé èdè tó yàn ló fà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè bá a yàn án:

```
whisper ohun.mp3 --language yo
```

Èyí kò ní dá àmì ohùn padà. Ẹ ṣì máa fi ojú yín wo “O” àti “Ó” kí ẹ tó fi ránṣẹ́.