Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ta Ni Yóò Darí Ẹkùn Mẹ́ran?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nílùú wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń fi òwe yìí gún àgbà lára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ká gbọ́ tiwọn. Èmi a máa rẹ́rìn-ín, torí ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Òwe náà kò sọ pé ọ̀kan náà ni ọgbọ́n ọmọdé àti ọgbọ́n àgbà. Ọgbọ́n méjì ni, kálukú ló sì ní ibi tó ti wúlò. Lóṣù kẹjọ, nígbà ìsinmi gígùn, mo máa ń múra àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 sílẹ̀ láti bá àwọn kéékèèké ṣeré ní pápá kan lágbègbè Ìrẹ̀mọ. Iṣẹ́ mi kò ju kí n fi ibi tí ọgbọ́n kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n.

Kò rọrùn tó bó ṣe ń dún lẹ́nu. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ ọdún 7, "Bọ̀ọ̀dá" ni, "Àǹtí" ni, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Eré kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ́ wọn, ẹkùn mẹ́ran. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Àwọn ọmọ so ọwọ́ pọ̀ yíká, ewúrẹ́ wà láàárín, ẹkùn wà níta, olórí eré ń lé orin, agbo ń gbè é ní "Mẹ̀ẹ́!" Ẹkùn ń wá ọ̀nà wọlé, agbo ń dí i lọ́nà. Ibi tí ẹkùn ti ń fi agbára já ọwọ́ gan-an ni eré ti ń dùn, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà.

Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún 4 kan tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, mo sì jẹ́ kó wọ agbo àwọn ọmọ ọdún 9. Ẹkùn já wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò sì fi í sílẹ̀. Ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó wá fi apá náà mọ́ra. Kò wú, kò ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo na bisikíìtì sí i, ọwọ́ kejì ló fi gbà á, àyà mi já. Bọ̀ọ̀dá tó ń darí eré ti fẹ́ bá a na apá náà, mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní egungun ìgúnpá ló yẹ̀ díẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló máa ń ṣe jù, bí èèyàn bá fà wọ́n lọ́wọ́ lójijì, torí iṣan tó so egungun náà ró kò tíì le. Ó dá a padà sí àyè rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọmọ fi ń fi ọwọ́ náà ṣeré.

Láti ọjọ́ náà ni àkísà ti wọ inú eré wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tèmi tilẹ̀ pọ̀ dé ibi pé mo ń pín in. Télọ̀ àdúgbò wa ló ń gba àjákù ańkárá jọ fún mi, mo sì ń gé e kó gùn tó láti ìka dé ìgúnpá. Ọmọ kan á di etí kan mú, ọmọ kejì á di etí kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wé e mọ́ ọwọ́. Bí ẹkùn bá já wọlé, aṣọ ni yóò yọ, kì í ṣe apá. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 6 kì í wọ agbo yìí mọ́, eré ìjókòó ni tiwọn. Ewúrẹ́ tí ẹkùn bá sì mú kì í lọ jókòó sábẹ́ igi, òun ló ń di ẹkùn. Ọmọ tí kò rí nǹkan ṣe ló ń lọ ju òkúta.

Sátidé méjì la fi ń múra. Wọ́n á kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á ṣa ìgò fífọ́ àti òkúta, wọ́n á sì jẹ́ kí àyè tó ìṣísẹ̀ gígùn márùn-ún wà láàárín agbo àti gọ́tà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa darí ara wọn. Mo máa ń yọ́ sọ fún mẹ́ta nínú wọn pé kí ọ̀kan sá lọ, kí ọ̀kan sunkún, kí ẹnìkẹta ní òun ò ṣe ewúrẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: olórí eré á dúró máa ṣàlàyé òfin fún àwọn tí kò tíì tò, nígbà tó bá fi máa parí, ìdajì ti lọ mumi. Ẹ to agbo ná, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó, lẹ́yìn náà kí ọmọ kan ṣe é kí gbogbo wọn rí i. Kí oòrùn sì wà lójú ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀, kó má wà lójú àwọn ọmọ.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n á kọ́ wọn ní ìpè ìdúró. Tiwa ni "Ère Ifẹ̀!" Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gan bí ère, bó ti wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á dán an wò nígbà tí àwọn ọmọ ń sáré. Bí a bá ka ení, èjì, ẹ̀ta tí ẹnìkan ṣì ń mira, ẹkùn kò tíì gbọdọ̀ jáde.

Ọmọbìnrin ọdún 15 kan wà tí ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Mà, wọn ò ní gbọ́ mi." Mo ní kó má pariwo, kó máa fetí sí "Mẹ̀ẹ́" wọn. Tí ègbè bá ń ròkè, eré ń lọ. Tó bá ti ń fẹ́lẹ́, ó ti sú wọn, kó pa á dà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó dá eré dúró nígbà tí ègbè ṣì ń hó, àwọn ọmọ ní ká tún un ṣe. Irú etí yẹn, èmi ò ní in mọ́. Ọgbọ́n ọmọdé nìyẹn.

Ti àgbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ méjì ló wà lórí ọmọ 8, àgbà kan sì wà níbi tó ti ń rí wọn. A kì í ka ọ̀dọ́ mọ́ iye àgbà. Bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀, ọ̀dọ́ kì í dá mú un lọ ẹ̀yìn ilé, á nawọ́ sókè kí àgbà wá. Bí ẹnìkan bá ní ìyá ọmọ ló rán òun wá mú un, àgbà ni yóò dá a lóhùn. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ sọ nǹkan tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé "Mi ò ní sọ." Kó ní, "Màá bá ẹ wá ẹni tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́," kó sì wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí ló ń ṣòro jù fún wọn, torí inú wọn máa ń dùn pé ọmọ náà fọkàn tán wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọlọ́kadà kan gba àárín pápá kọjá, ó fẹ́ gé ọ̀nà kúrú. Mi ò tíì yanu tí mo fi gbọ́ "Ère Ifẹ̀!" Ohùn kékeré yẹn ni. Gbogbo agbo gan, ẹkùn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, àkísà nà tantan láàárín wọn. Ọmọbìnrin náà kò lọ bá ọlọ́kadà. Ó kàn wo ọ̀dọ̀ mi, mo sì ká ìró mi mọ́ra, mo lọ pàdé ọkùnrin náà.