Ẹ̀rọ Tíkẹ́ẹ̀tì Ajẹ-má-yó

Kí ni mo ṣe fún ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì gan-an? Láti ilé ní Ìlọrin ni mo ti sanwó ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́ láti ra òmíràn. Ó kọ̀ ọ́, síbẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ bánkì wọlé pé owó ti kúrò, nítorí pé ẹ̀rọ kò lè ní sùúrù kí ìdáhùn bánkì tó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà wo ni wọn yóò dá a padà? Mo wá fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ó gbé e mì káló, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì pọ ìwé pélébé kan jáde dípò ṣéńjì, pé kí n lọ gbà á ní kántà tí wọ́n ti tì pa! Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ta ni yóò wá di igbá ru ẹ̀rọ? Ẹ fún mi ní owó mi, jàre!