Ẹ yéé fi fọ́ǹtì bo òwú mọ́lẹ̀

Ẹnìkan tún gbé fọ́tò ṣẹ́ẹ̀tì kan síta láàárọ̀ yìí. Orúkọ tí wọ́n ṣe mónógíráàmù rẹ̀ sí àyà aṣọ náà ló pààrọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wo lẹ́tà O tó wà níbẹ̀, inú bí mi. Láti òkè O dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo òwú ló nà ní ìbú. Maṣíìnì kì í sábà rán O kékeré báyẹn.

Irú rírán kan tí wọ́n ń pè ní sátìnì ni wọ́n sábà máa ń fi rán irú lẹ́tà kéékèèké bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ á gún etí kan ẹsẹ̀ lẹ́tà, ìyẹn ìlà kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di lẹ́tà, á fo lọ gún etí kejì, á tún padà wá. Òwú kì í bá ẹsẹ̀ lẹ́tà rìn, ńṣe ló máa ń dá a lábùú. Ìdí nìyẹn tí òwú fi nà ní ìbú lára igi L tó dúró, tó sì dúró ní òòró lára apá rẹ̀ tó sùn sílẹ̀. Ní ti O, òwú rẹ̀ máa ń yí ká bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Bí òwú bá wá nà ní ìbú ní òkè O gan-an, á jẹ́ pé ó ń bá ẹsẹ̀ lẹ́tà rìn nìyẹn, irú òwú gígùn tí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó bá kàn án á fà yọ.

Ìmọ́lẹ̀ tún wà níbẹ̀. Òwú mónógíráàmù máa ń dán, ibi tó bá sì kọjú sí ló ń sọ bó ṣe máa dán tó. Òwú kan náà, àwọ̀ kan náà, á mọ́lẹ̀ ní èjìká òsì O, á ṣókùnkùn díẹ̀ ní èjìká ọ̀tún. Ẹni tó kàn kọ fọ́ǹtì sórí fọ́tò, tó da àwòrán òwú kan bò ó látòkè délẹ̀, ti pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ẹ má sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ojú ń rí i, ẹnu ni kò mọ orúkọ tó máa pè é.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe tèmi. TOLA ló wà lára aṣọ, oníbàárà fẹ́ TOLU. A ló máa di U. Mi ò fọwọ́ kan fọ́ǹtì rárá, nítorí gbogbo ohun tí U nílò ti wà nínú fọ́tò yẹn. Ẹsẹ̀ U méjèèjì dúró, igi L àti igi T náà dúró. Ìsàlẹ̀ U yí, ìdajì O tó wà nísàlẹ̀ náà sì yí bákan náà. Kò sí èyí tí mo ní láti yí tàbí dojú rẹ̀ dé nínú wọn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ò ní yẹ̀ lára wọn.

Mo kọ́kọ́ pa A rẹ́ pẹ̀lú Clone Stamp, irinṣẹ́ Photoshop tó ń da apá kan fọ́tò kọ síbòmíràn, lórí ìpele ọ̀tọ̀ tí mo gbé lé orí fọ́tò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń jìn sí kòtò, torí aṣọ máa ń súnkì díẹ̀ yí lẹ́tà ká, òwú ló fà á. Bí ẹ bá pa òwú A rẹ́ tí ẹ fi ìsúnkì yẹn sílẹ̀, iwin A á ṣì jókòó síbẹ̀, yóò máa wò yín. Ẹ pa á rẹ́ kọjá etí lẹ́tà, kí ẹ sì rí i pé ihò kéékèèké ara aṣọ ń tò tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo gé ìsàlẹ̀ O. O fẹ̀ ju àyè tí A fi sílẹ̀ lọ, ọkàn mi sì kọ́kọ́ ní kí n sún un kì. Rárá o! Bí ẹ bá sún un kì, òwú inú rẹ̀ náà á tín-ín-rín, òwú tó wà lára L lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì nípọn jù ú lọ. Gígé ni mo gé e sí méjì ní àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀, mo yọ ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò, mo sún apá méjèèjì mọ́ra. Níbẹ̀ yẹn òwú dúró ní òòró, èmi náà sì gé e ní òòró, sínú òjìji tó wà láàárín òwú méjì. Ibi tí mo ti so ẹsẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Òwú ti nà ní ìbú níbẹ̀, mo sì gé e ní ìbú. Àárín òwú sí òwú ni kí àlùmọ́gàjí yín máa gbà, kó má ṣe gé òwú kankan lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ ṣe ń pòórá.

Etí náà kì í dán gbọ̀rọ̀. Ibi tí òwú kọ̀ọ̀kan ti wọlé sínú aṣọ máa ń rí ṣágiṣàgi, pẹ̀lú ààmì dúdú bíńtín. Mo fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ létí gbogbo ohun tí mo gé, kí ṣágiṣàgi yẹn lè tẹ̀ lé e wá. Orí L ni mo lò fún orí ẹsẹ̀ U méjèèjì, ṣùgbọ́n òwú kan yọ irun níbẹ̀, mo sì yára pa á rẹ́ lórí ọ̀kan. Irun kan náà lẹ́ẹ̀mejì ló máa ń tú olè fó.

Wàyí o, ká ní TOLU ló wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ TOLA ńkọ́? Iṣẹ́ mìíràn pátápátá nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo náà ni. Kò sí ẹsẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ nínú TOLU. Ẹ ní láti tẹ igi L sí ẹ̀gbẹ́, bóyá ní ogún dígírì, kí ẹ wá tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú Curves. Lára O ni ẹ ó ti mọ bó ṣe yẹ kó mọ́lẹ̀ tó, torí gbogbo ìdarí òwú pátá ló wà lára O. Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì A wé èjìká òsì O, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wé èjìká ọ̀tún. Ẹ má kàn da ẹsẹ̀ òsì kọ ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ pè é ní ẹsẹ̀ ọ̀tún o, òjìji òwú á bọ́ sí apá tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

Oníbàárà mi wo U yẹn, kò rí nǹkan kan, ó sanwó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń rú mi lójú. Bí wọ́n bá rán U lóòótọ́, òwú á fa aṣọ, aṣọ á sì súnkì díẹ̀ yí i ká. U tèmi ò mọ ìyà yẹn, ó rẹwà ju èyí tí ẹni tó máa ra aṣọ náà máa gbà lọ. Ẹni tó da fọ́ǹtì bo aṣọ láàárọ̀ yìí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá ó yẹ kí n máa kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé a ò tíì rán èyí o. Bóyá kí n má tilẹ̀ gba irú iṣẹ́ yẹn mọ́, mi ò mọ̀. Mo ṣáà ti gba òmíràn lánàá.