Àkọlé òòró kò gbọ́ "ẹ ṣáà yí i"

Ẹni tó bá ń gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà l'Ákùúrẹ́ á ti gbọ́ ọ rí: bí ojú ìwé tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà bá dùbúlẹ̀, ẹ ṣáà yí i kó dúró, kọ̀ǹpútà á ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnì tó ń yí ojú ìwé PDF kì í sábà fọwọ́ kan àwòrán inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kékeré kan, `/Rotate`, ló ń fi síbẹ̀ pé báyìí ni kí wọ́n gbé e síta. Ẹ fi `pdfimages` fa àwòrán náà jáde, ẹ ó bá a ní ìdùbúlẹ̀ bó ṣe wà. `pdftoppm`, tó ń sọ odindi ojú ìwé di àwòrán, ló ń tẹ̀lé àkọsílẹ̀ yẹn.

Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ wo ìwé àkójọ máàkì tí àwọn tíṣà ń lò: orúkọ ọmọ wà lápá òsì, orúkọ iṣẹ́ mẹ́tàlá sì wà lókè, tí wọ́n tẹ̀ ní òòró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kó lè gba ojú ìwé. Ibi yòówù kẹ́ ẹ yí i sí, apá kan á dùbúlẹ̀. Tesseract ni ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán. Bí ẹ bá fi `--psm 0` bi í pé ibo ni ojú ìwé kọ sí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń fún odindi ojú ìwé, ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí ló sì ń tẹ̀lé. Àwọn àkọlé á wá jáde bí ìdọ̀tí: igi, àmì, lẹ́tà tí kò bára mu.

Ẹ gé àkọlé sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán ojú ìwé náà, `maaki.png`, ẹ yí i, kí Tesseract wá kà á:

```
magick maaki.png -crop 2600x520+900+310 +repage -rotate 90 akole.png
tesseract akole.png akole --psm 6
```

900 ni mo fi fo òpó orúkọ ọmọ, 310 ni ibi tí àkọlé ti bẹ̀rẹ̀, 2600 ni fífẹ̀ rẹ̀, 520 ni gíga rẹ̀. Ẹ wọn ti yín.

Níbí gan-an ni ewu wà. Bí àkọlé bá lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, `-rotate 90` á gbé òpó àkọ́kọ́ sí ìlà àkọ́kọ́, ètò wọn ò ní bàjẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, `-rotate 270` lẹ ó lò, òpó àkọ́kọ́ á sì bọ́ sí ìlà ìkẹyìn. Bí ẹ bá gbàgbé láti to àwọn ìlà náà láti ìkẹyìn wá sí àkọ́kọ́, máàkì Gẹ̀ẹ́sì á wà lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àròpọ̀ ò lè tú u fó, torí iye kan náà ni kálukú ọmọ á ní. Òpó àárín pàápàá á ṣì tọ̀nà, nítorí náà ẹ má fi í ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni kẹ́ ẹ wò: ọmọ tó ṣe ti Ìsìláàmù kì í ní máàkì lábẹ́ ti Kristi. Bí àyè òfìfo náà bá lọ bọ́ sábẹ́ ìṣirò, ètò ti yí padà.

Bó bá jẹ́ bírò ni wọ́n fi kọ máàkì, àkọlé nìkan ni èyí yanjú. Tesseract kì í ka ìwé àfọwọ́kọ dáadáa. Àwọn máàkì yẹn, ẹ ó jókòó tẹ̀ wọ́n.