150,000 sẹ́fà: àga ni kí n rà, àbí aṣọ àga?

Àṣàkẹ́ Kétu: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ni mo wà. Owó ọwọ́ mi ò ju 150,000 sẹ́fà lọ. Mo fẹ́ máa yá àwọn tó ń ṣe ìkómọ àti ìgbéyàwó ní nǹkan. Ṣé kí n fi ra àga oníke ni, àbí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún àga?

Ọmọ Ilíkimu: Àga ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí òde tí èèyàn ò ti ń jókòó. Ìkómọ, ìyàwó, òkú, ìpàdé ẹbí, àga ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Aṣọ àga, ẹni tówó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń yá a. Àwọn àga tí mo rà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ọmọ Ilíkimu, òótọ́ ni pé àga kì í kùtà, ṣùgbọ́n owó ẹni tó béèrè ni ká fi ṣírò. 3,500 ni mo ra àga kan gbẹ̀yìn. Ogójì péré ti gbé 140,000 lọ. Tó bá ń yá wọn ní 50 sẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, 2,000 ni òde kan máa mú wọlé, ó sì di ìgbà 70 kí owó ẹ̀ tó padà. A ò tíì san owó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa kó o lọ kó o bọ̀ o. Ogójì àga ò sì tó ìyàwó. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni wọ́n máa lọ, kí wọ́n lè rí gbogbo ẹ̀ kó lójú kan.

Aṣọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi. Mo rán aṣọ àga funfun 50, ti aṣọ ti iṣẹ́ alárànṣọ, 1,600 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rán ọ̀já 50 tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn àga, 300. Mo fi aṣọ tábìlì mẹ́fà kún un ní 3,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 113,000. Mò ń yá aṣọ àga pẹ̀lú ọ̀já ẹ̀ ní 150, aṣọ tábìlì ní 300. Tí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀, 9,300 nìyẹn. Sẹ́míjàn, ọṣẹ, omi àti èédú àyọ́ọ̀nù máa ń jẹ tó 2,500, ó ku 6,800. Lẹ́yìn òde 17, owó mi ti padà. Ẹrù náà ò sì ju àpò méjì lórí sẹ́míjàn lọ.

Ọmọ Ilíkimu: Ìyá, 75 ni wọ́n ń yá àga lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe 50. Àwọn tó yá a ló sì ń wá kó o fúnra wọn.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Jẹ́ kó jẹ́ 75. 3,000 lórí ogójì àga, ó ṣì di òde 47. Ibi tí o ti jàre mi ni pé àga máa ń pẹ́, wọ́n sì ń yá a fún òkú. Aṣọ funfun mi kì í pé ọdún mẹ́ta kó tó máa pọ́n.

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aṣọ àga ní Kétu, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa gbà fún 60? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la máa kó àwọn ọmọ jáde. Àga ti wà nílẹ̀, ẹgbẹ́ ìyàwó mi ní tiwọn, wọn ò gba owó.

Àṣàkẹ́ Kétu: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o. Mi ò tíì ní nǹkan kan, mo ṣì ń béèrè ọ̀nà ni.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ máa wo ohun tí Bàbá Ìbejì sọ yìí dáadáa. Ẹgbẹ́, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé ńlá, gbogbo wọn ló ti ní àga tí wọ́n ń yá ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ ni wọn ò ní. Ọjọ́bọ̀ ni ìkómọ tiẹ̀ sì bọ́ sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo ìyàwó ń kó ara wọn jọ sí: òde mẹ́ta lè wá bá ọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, o ò ní lè gbà ju ẹyọ kan lọ, ẹrù rẹ á sì sùn láti ọjọ́ kejì títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ò mọ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ kẹjọ tó bá ti pé, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ 50 yẹn lè jáde lọ́jọ́ Ajé, kó jáde lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kó tún jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ẹni tó bímọ ní. Kì í wá ọ kiri. Alfáà àdúgbò àti àwọn tó ń ya fọ́tò ló kọ́kọ́ ń gbọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni kí orúkọ rẹ wà.

Bàbá Ìbejì, ṣé àwọn àga yẹn ní apá?

Bàbá Ìbejì: Wọ́n ní apá. Ṣé ó ní ohun tó ń ṣe ni?

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ó ń ṣe púpọ̀. Òde mi kẹta, aṣọ tí mo rán fún àga aláìlápá ni mo kó lọ. Mi ò béèrè. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, àga alápá ni wọ́n ti tò sílẹ̀. Mo fa èyí àkọ́kọ́ wọlé, ó há sí apá, ìrán rẹ̀ ya láti abẹ́ dé èjìká. Mo dá owó wọn padà, mo sì so ọ̀já nìkan mọ́ ẹ̀yìn àga fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, torí mi ò lè fi ìyá ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣàkẹ́, kí o tó gé aṣọ kankan, lọ bá àwọn tó ń yá àga ní Kétu, kí o wọn gíga ẹ̀yìn àga, fífẹ̀ ìjókòó, àti láti ìjókòó dé ilẹ̀. Irú èyí tó pọ̀ jù ni kí o rán tìẹ fún.

Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Ṣábẹ: Ọ̀rọ̀ yín dára, ìyá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, wọn kì í sanwó aṣọ àga fún ìkómọ. Ibi tí ìyá ọmọ máa jókòó sí nìkan ni wọ́n ń fẹ́ kó lẹ́wà: aṣọ tí wọ́n ń ta sẹ́yìn rẹ̀, àga ńlá kan àti aṣọ tábìlì níwájú. Ìyẹn ni mò ń ṣe, ó sì ń bọ́ mi. Ẹ má fi Àjàṣẹ́ ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ìlú.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Mo gbà. Kí ó fi 20 bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kí ó fi ìyókù ra aṣọ ẹ̀yìn ìyá ọmọ.

Àṣàkẹ́ Kétu: Epo ńkọ́, ìyá? Ìkómọ wa ò lè ṣe kí ọbẹ̀ má dà.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Má jẹ́ kó sùn. Fi ọṣẹ àwo pa ojú ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó tó kan omi, kí o fọ̀ ọ́, kí o wá sá a sóòrùn. Oòrùn máa ń jẹ pupa epo tó bá ṣẹ́ kù. Má ṣe lọ̀ ọ́ kí àbàwọ́n tó kúrò tán, iná àyọ́ọ̀nù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Kó wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí o kà á níwájú onílé nígbà tó o bá ń gbé e fún un àti nígbà tó o bá ń gbà á. Mo fi òwú aró rán àmì sí etí ti tèmi nínú, torí aṣọ funfun jọra. Mo sì ń gba 5,000 dání. Bí ẹyọ kan bá sọnù, nínú rẹ̀ ni mo ti ń yọ ọ́.

Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Ṣábẹ: Ẹni tó bá gba owó dání lọ́wọ́ ẹbí níbí, wọn ò ní pè é mọ́. Èmi ń gba owó mi pé kí n tó gbé ẹrù jáde, mo sì ń dúró títí òde á fi tú.

Ìyá Ọlọ́ṣọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Tó bá jẹ́ òde méjì lọ́jọ́ kan, ibo lẹ máa dúró sí?

Àṣàkẹ́ Kétu: Mo ti wọn àga lọ́dọ̀ ẹni méjì láàárọ̀ yìí. Ti ẹnì kìíní ní apá, ti ẹnì kejì ò ní. Mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹni kẹta lọ́la kí n tó ra aṣọ. Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, Ọjọ́bọ̀ yín ò ní bá mi.