Àtúnṣe: irin inú tiransifọ́mà kì í ṣe òòfà líle

“Irin tó bá di òòfà mú jù ló yẹ kí á fi ṣe inú tiransifọ́mà, torí agbára rẹ̀ kò ní jò.”

Rárá o, òdìkejì rẹ̀ ni. Nínú irin, àwọn agbègbè kéékèèké wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà tó kọjú síbìkan. Iná 50 Hz máa ń yí ojú wọn padà síwá-sẹ́yìn nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí wọ́n bá takú, agbára tí a fi tì wọ́n á di ooru.

Ẹ ya àwòrán bí òòfà irin náà ṣe ń tẹ̀lé agbára òòfà tó ń ti inú wáyà tí a wé mọ́ ọn wá: ìlà náà á pàdé ara rẹ̀ bí òrùka. Fífẹ̀ inú òrùka yẹn gan-an ni agbára tó ṣòfò ní ìyípo kan. Irin oní-sílíkọ́nì tí ìtakú rẹ̀, ìyẹn bí òòfà wáyà ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó pa òòfà inú irin rẹ́, jẹ́ bíi 40 A/m máa ń sọ nǹkan bíi wáàtì 10 nù nínú lítà irin kan. Irin líle tí tirẹ̀ tó 4,000 A/m lè sun bíi wáàtì 700, bí wáyà bá tiẹ̀ lágbára tó láti yí i. Ìtakú yẹn ṣeyebíye fún òòfà inú gbohùngbohùn, tí kò gbọdọ̀ yí ojú padà láéláé.