Ọjọ́ orí ni inṣọ́ránsì ń wò, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà: "Ọmọ mi ṣì ń ka másítà, orí inṣọ́ránsì mi ló wà, kò séwu." Ewu ń bẹ o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ọmọ lè wà lórí inṣọ́ránsì ìlera òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 26, ì báà ń kàwé, ì báà ti ṣègbéyàwó. Tó bá ti pé 26, ìwé kíkà kò fi ọjọ́ kan kún un.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Kí òfin ọdún 2010 tó dé, ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì máa ń yọ ọmọ tó bá ti tó nǹkan bí ọdún 19, àfi tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ti yí padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin kan ní Tẹ́ksásì tó pé 26 ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, tó wà lórí inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí oṣù náà parí, àwọn mìíràn á gé e lọ́jọ́ ìbí gan-an. Kí bàbá tètè béèrè. Ká ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ló parí, ọmọ ní 60 ọjọ́ ṣáájú àti 60 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti yan tirẹ̀ lórí HealthCare.gov. Tó bá yàn án kí oṣù Kẹfà tó tán, ọjọ́ 1 oṣù Keje ló máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ 20 oṣù Keje, ó di oṣù Kẹjọ nìyẹn, kò sì ní nǹkan kan lórí ní gbogbo oṣù Keje.

Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kán ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ńkọ́? Kóbírà wúlò níbí. Òfin yìí jẹ́ kó máa bá inṣọ́ránsì bàbá lọ fún oṣù 36, bí ilé iṣẹ́ náà bá ní òṣìṣẹ́ tó tó 20. Ó wọ́n, torí pé apá tí ilé iṣẹ́ ń san tẹ́lẹ̀ á bọ́ sọ́rùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà sẹ́yìn: tó bá gbà á lásìkò, tó sì san owó láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, inṣọ́ránsì á bójú tó ẹsẹ̀ náà. Ẹbí fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ fi tó alábòójútó inṣọ́ránsì létí láàárín 60 ọjọ́ pé ọmọ ti kúrò. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀tọ́ náà lọ nìyẹn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kéré gan-an má gbójú lé Mẹ́díkéèdì ní Tẹ́ksásì, torí ìpínlẹ̀ náà kò ṣí i fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kò lọ́mọ, tí kò sì lóyún. Inṣọ́ránsì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń tà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni kó kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n sábà máa ń gba ẹni tí ti òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wọlé láàárín ọdún, tó bá tètè mú lẹ́tà tó fi hàn pé inṣọ́ránsì òbí ti parí wá.